Òpó Tí Kò Dúró Sójú Kan: Àgbéyẹ̀wò Ìtò Kíákíá àti Ọjọ́ Burúkú Rẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi pè mí lórí fóònù. Ó ti kọ ètò kékeré kan tí yóò máa to orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ó fi orúkọ 40 dán an wò, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí wọ́n wá kó orúkọ 1,200 fún un ní ilé ẹ̀kọ́ kan, ètò náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó rí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni `RecursionError: maximum recursion depth exceeded`.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò tún fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ o," ló wí. "Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà."

Mo bi í pé báwo ni àwọn orúkọ yẹn ṣe wà nínú fáìlì. Ó ní ẹni tó kó wọn fún òun ti tò wọ́n láti A dópin, òun kàn fẹ́ kí ètò òun tún un tò kó lè dá òun lójú ni. Mo ní kó dà wọ́n rú, bí ẹni tó ń da káàdì pọ̀ kó tó pín in, kó sì tún gbìyànjú. Kò pẹ́ rárá tó fi pè mí padà: ètò náà ti parí iṣẹ́, kódà kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ètò tí a kọ láti to nǹkan, iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti bá a ṣe tán ló pa á. Bí a bá kó rúdurùdu fún un, ó ń yọ̀; bí a bá kó èyí tó ti létò fún un, ó ń kú. Ẹni tó bá mọ ìdí èyí ti mọ ohun tó ṣòro jù lọ nípa ọgbọ́n ìtò tí wọ́n ń pè ní kúíkísọ́ọ̀tì, èyí tí èmi yóò máa pè ní ìtò kíákíá.

Ẹni tó gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀ ni Tony Hoare, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ọdún 1959 sí 1960, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìjọba ní Mọ́sìkò, ọ̀rọ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe lè túmọ̀ èdè Rọ́ṣíà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbà á lọ́kàn. Orí téèpù ni ìwé atúmọ̀ èdè wà nígbà náà, ní álífábẹ́ẹ̀tì, téèpù kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń fò síwá sẹ́yìn. Kí gbólóhùn kan tó lè rí ìtumọ̀ ní ìrìn ẹ̀ẹ̀kan péré lórí téèpù náà, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ to àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni Hoare ti ronú kan ìtò kíákíá. Nígbà tó padà sí ìlú rẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Elliott Brothers, ọ̀gá rẹ̀ ní kó kọ irú ìtò mìíràn kan. Ó kọ ọ́ tán, ó wá sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun mọ ọ̀kan tó yá ju èyí lọ. Ọ̀gá fi sísì kan bá a ta á pé irọ́ ni. Hoare ló jẹ sísì náà. Ní ọdún 1961 ló tẹ ọgbọ́n náà jáde fún gbogbo ayé. Ohun kan wà nínú èyí tó tẹ̀ jáde lọ́dún náà tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbójú fò. Màá padà sórí rẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Mú nọ́ńbà kan láàárín ìlà, kí o fi ṣe òpó. Fi gbogbo nọ́ńbà tó kù wé òpó yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá kéré sí i, sí apá òsì, èyí tó bá jù ú lọ, sí apá ọ̀tún. Nígbà tí o bá ṣe é tán, òpó ti dé ibi tí yóò wà títí láé, kò tún sí ẹni tí yóò gbé e níbẹ̀ mọ́. Ó wá ku kí o ṣe bákan náà fún apá òsì nìkan, àti fún apá ọ̀tún nìkan, títí tí kò fi ní ku apá tó ju ẹyọ kan lọ. Bí ọmọ yẹn ṣe kọ ọ́ ní èdè Páítọ̀nù nìyí, bí ọ̀pọ̀ ìwé ìkọ́ni ṣe ń kọ ọ́ náà sì nìyí:

```python
def partition(A, lo, hi):
    x = A[hi]
    i = lo
    for j in range(lo, hi):
        if A[j] < x:
            A[i], A[j] = A[j], A[i]
            i += 1
    A[i], A[hi] = A[hi], A[i]
    return i

def quicksort(A, lo, hi):
    if lo < hi:
        p = partition(A, lo, hi)
        quicksort(A, lo, p - 1)
        quicksort(A, p + 1, hi)
```

Ẹ wo ìlà kejì, `x = A[hi]`. Òpó ni `x`, ẹni tó sì wà lópin ìlà ni a fi jẹ òpó, lójoojúmọ́, láìbéèrè irú ẹni tó jẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù wà nínú ìlà kan yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà 7 wò ó. Ká ní bí wọ́n ṣe tò wá ni 50, 20, 70, 10, 60, 30, 40. Èyí tó wà lópin ni 40, òun ni òpó. A fi àwọn 6 tó kù wé e: 20, 10 àti 30 lọ sósì, 50, 70 àti 60 lọ sọ́tùn-ún. Ìfiwéra 6 la ṣe, a sì rí mẹ́ta sí mẹ́ta. Láti ibẹ̀, apá kọ̀ọ̀kan gba ìfiwéra 3 sí i kó tó létò, nítorí náà àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Bí gbogbo òpó bá bọ́ sáàárín gẹ́lẹ́ ni, ìfiwéra 10 ni ì bá gbà: 6 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 2 àti 2. Nítorí náà, 12 kì í ṣe ohun tó burú.

Ẹ wá kó nọ́ńbà 7 kan náà wá ní bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n tò: 10, 20, 30, 40, 50, 60, 70. Òpó ni 70. A fi àwọn 6 tó kù wé e, gbogbo wọn ló kéré sí i, gbogbo wọn sì lọ sósì. Ọ̀tún ṣófo. A ti ṣe ìfiwéra 6, ohun kan ṣoṣo tí a sì rí kọ́ ni pé 70 ló tóbi jù. Ó wá ku 10 títí dé 60, òpó wọn ni 60, ọ̀rọ̀ náà sì tún rí bákan náà. 6, 5, 4, 3, 2, 1: àpapọ̀ 21. Kò sí nọ́ńbà méjì nínú ìlà yìí tí a kò fi wéra. Iṣẹ́ tí ẹni tí kò mọ ọgbọ́n kankan yóò ṣe ni a ṣe yẹn.

Láàárín 12 àti 21, ó lè dà bíi pé kò sí wàhálà. Àmọ́ bí ìlà bá ṣe ń gùn ni ọ̀rọ̀ ń yàtọ̀. Bí ìlà bá ní nọ́ńbà `n`, ọjọ́ burúkú yìí ń gba ìfiwéra `n(n-1)/2`. Fún orúkọ 1,200, ó jẹ́ 719,400. Bí orúkọ kan náà bá dàrú, ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí 13,600 ni. Fún nọ́ńbà mílíọ̀nù kan, ọjọ́ burúkú ń sún mọ́ ìfiwéra bílíọ̀nù 500, nígbà tí ọjọ́ gidi kò dé mílíọ̀nù 25. Kọ̀ǹpútà tó bá ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe iṣẹ́ ọjọ́ gidi yóò lo ohun tó lé ní wákàtí 5 lórí iṣẹ́ ọjọ́ burúkú.

Kì í ṣe àsìkò nìkan ló ń ṣòfò, ètò náà tún máa ń rì. Gbogbo ìgbà tí a bá pín ìlà, ètò ń pe ara rẹ̀ sórí apá kan, ó sì ń dúró de èsì kó tó lọ sí apá kejì. Bí a bá ń pín in sí méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìpè tó ń dúró lé ara wọn lórí kì í pọ̀, nítorí pé ìlà 1,200 kò gba kí a pín in sí ìdajì ju ìgbà 11 lọ kó tó di ẹyọ kan. Àmọ́ bí ìpín kọ̀ọ̀kan bá ń mú ẹyọ kan ṣoṣo kúrò, ìpè 1,200 ni yóò tò lé ara wọn lórí. Páítọ̀nù, bó ṣe wà láti ilé, kò gbà ju 1,000 lọ. Ohun tó pa ètò ọmọ yẹn nìyẹn. Orúkọ 40 tó kọ́kọ́ fi dán an wò, ì báà tiẹ̀ ti tò tẹ́lẹ̀, kò lè fi àléébù náà hàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá fura sí ètò rẹ̀, ọ̀nà kan wà tí èmi máa ń gbà mọ̀. Mo máa ń wọn àsìkò tó gbà fún ìlà kan, lẹ́yìn náà màá sọ ìlà náà di ìlọ́po méjì. Bí ara ètò bá dá, àsìkò yóò fi díẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Bó bá di ìlọ́po mẹ́rin, ọjọ́ burúkú ti dé. Lẹ́yìn náà, màá da ìlà kan náà rú, màá sì tún wọ̀n ọ́n. Bí àsìkò bá já wálẹ̀ lójijì, òpó ló ń ṣe é. Nọ́ńbà kò yí padà, ètò kò yí padà, bí wọ́n ṣe tò wá nìkan ló yí padà.

Àwọn kan máa ń sọ pé irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí pé nínú gbogbo ọ̀nà tí nọ́ńbà 20 lè gbà tò wá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń bí ọjọ́ burúkú. Òótọ́ ni lórí ìwé. Àmọ́ ta ló sọ fún wọn pé bí ẹní ju owó ẹyọ sílẹ̀ ni nǹkan ṣe ń tò wá? Ìwé ìṣirò owó máa ń wá ní bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ lé ọjọ́. Orúkọ máa ń wá ní álífábẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi orúkọ mẹ́ta tuntun kún ìdí ìwé tó ti tò, tó wá ní kí ètò tún un tò, ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tò tán ló kó lé e lọ́wọ́. Ìlà tó ti tò, èyí tó tò láti òkè wá sílẹ̀, àti èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tò, àwọn gan-an ni ọwọ́ èèyàn ń ṣe jáde jù. Ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú ìṣirò ni ohun tó wọ́pọ̀ lọ́jà.

Ibi tí àléébù wà gan-an nìyí, mo sì fẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Kò sí ohun tó burú lára 10, 20, 30 títí dé 70. Kò sì sí ohun tó burú lára kéèyàn mú ẹni tó wà lópin. Àdéhùn ìkọ̀kọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló burú: òfin tí a fi ń yan òpó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ìlà kan sì wà tó bá òfin náà mu débi pé gbogbo òpó tí a bá yàn ni yóò jẹ́ ẹni tó tóbi jù tàbí ẹni tó kéré jù. Bí a bá yí òfin padà, ìlà burúkú yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lọ.

Ìtàn bí wọ́n ṣe gbìyànjú láti sá fún un fi èyí hàn. Àwọn kan ní kí a máa mú ẹni àárín dípò ẹni ìkẹyìn. Ìyẹn wo ìlà tó ti tò sàn pátápátá, nítorí ẹni àárín ibẹ̀ ni òpó tó dára jù. Ní ọdún 1969, Singleton gbé èyí tó tún gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ jáde: mú ẹni àkọ́kọ́, ẹni àárín àti ẹni ìkẹyìn, fi wọ́n wéra, kí o sì fi ẹni tó wà láàárín nínú àwọn mẹ́ta yìí ṣe òpó. Ọgbọ́n dáadáa ni, wọ́n sì ń lò ó títí dòní. Síbẹ̀, òfin náà ni.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1991, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, àwọn méjì kan, Allan Wilks àti Rick Becker, ń lo `qsort`, ètò ìtò tó wà nínú Yúníìsì. Iṣẹ́ tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú díẹ̀ ń jẹ wákàtí lọ. Bí wọn kò bá dá a dúró ni, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni ì bá lò. Nígbà tí wọ́n wá inú rẹ̀ wò, wọ́n rí irú ìlà tó ń fa á: èyí tó ń gòkè dé àárín, tó sì tún ń sọ̀ kalẹ̀, bíi 1, 2, 3, 4, 4, 3, 2, 1. Ó dà bí òrùlé ilé. Ẹ wò ó fún ara yín: ẹni tó bá ń mú òpó láti àárín, orí ṣóńṣó òrùlé ni yóò mú, ẹni tó tóbi jù pátápátá. Kò sì sí ẹni tó dìídì ṣe ìlà yìí láti pa ètò wọn. Inú iṣẹ́ gidi ló ti jáde.

Ọ̀ràn yìí ló mú kí Jon Bentley àti Douglas McIlroy tún `qsort` kọ, wọ́n sì tẹ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1993. Fún ìlà tó bá gùn, wọ́n ń mú ẹni 9, wọ́n ń pín wọn sí mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n ń mú ẹni àárín nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń mú ẹni àárín nínú àwọn ẹni àárín náà. Ó nira kí ìlà tó wá fúnra rẹ̀ tó rí ìyẹn bì ṣubú. McIlroy fúnra rẹ̀ ló wá fi hàn ní ọdún 1999 pé ẹni tó bá fẹ́ bì í ṣubú yóò rí i ṣe. Ó kọ ètò kékeré kan tó ń dúró sí ẹnu ọ̀nà ìfiwéra. Gbogbo ìgbà tí ìtò bá béèrè pé "èwo ló tóbi nínú àwọn méjì yìí?", ètò yìí kò tíì pinnu iye tí nọ́ńbà náà jẹ́, ó ń pinnu rẹ̀ níbẹ̀ gan-an, ní ọ̀nà tí yóò fi jẹ́ pé ẹni tó bá dà bí òpó yóò di ọ̀kan nínú àwọn tó kéré jù. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ìlà nọ́ńbà tó jáde á jẹ́ májèlé fún ìtò yẹn gan-an. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí púpọ̀, nítorí pé ẹni tó kọ́ ilé ló tún wá fi ibi tí olè lè gbà wọlé hàn.

Àwọn kan yóò ní ṣebí ẹni àárín gidi wà. Kí ló dé tí a kò wá a kàn kí a fi ṣe òpó? Ó ṣeé ṣe. Láti ọdún 1973 ni ọ̀nà tó dájú ti wà láti rí i láìkọ́kọ́ to ìlà. Àmọ́ owó tó ń gbà pọ̀ débi pé ìtò kíákíá kò ní yá mọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é.

Ohun tó wá kù ni kí a má ṣe ní òfin. Kí a ṣẹ́ kèké. Ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ pín ìlà, kí a jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mú nọ́ńbà kan láìwojú ẹnikẹ́ni, kí gbogbo wọn ní àǹfààní kan náà. Nínú ètò ọmọ yẹn, ìlà méjì péré ló fi kún orí `partition`, ṣáájú `x = A[hi]`, lẹ́yìn tó ti kọ `import random` sókè:

```python
k = random.randint(lo, hi)
A[k], A[hi] = A[hi], A[k]
```

Ìlà àkọ́kọ́ ṣẹ́ kèké. Ìkejì gbé ẹni tí kèké mú lọ sópin. Ohun tó kù kò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo ní a ó padà sí. Nínú ètò tí Hoare tẹ̀ jáde ní 1961, kì í ṣe ẹni ìkẹyìn ni a fi ṣe òpó, kì í sì í ṣe ẹni àárín. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni `random(M,N)`. Kèké ló ṣẹ́, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló yọ ọ́ kúrò, torí pé ṣíṣẹ́ kèké ń gba àsìkò díẹ̀, ètò tí kò ní kèké sì kúrú fún ẹni tó ń kọ́ni. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́ ọgbọ́n náà láìsí èròjà tó ń dáàbò bò ó, wọ́n sì wá ń pe àléébù náà ní ti Hoare.

Báwo ni kèké ṣe ń gbà wá? Àlàyé kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣirò. Ká ní a to ìlà náà lójú inú, kí a pín in sí ìdá mẹ́rin. Ìdá méjì wà láàárín, ìdá kan wà ní etí kọ̀ọ̀kan. Kèké ní àǹfààní ìdajì láti bọ́ sí àárín, bí ẹni ju owó ẹyọ. Bó bá sì bọ́ síbẹ̀, apá tó tóbi jù kò lè ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Nǹkan bí ìgbà 48 péré ni a lè fi irú ìpín bẹ́ẹ̀ gé mílíọ̀nù kan kó tó di ẹyọ kan. Ká ní ìdajì kèké wa ni kò dára, ìpele bí 96 náà nìyẹn, kì í ṣe mílíọ̀nù kan. Ká tiẹ̀ ṣorí burúkú ní ìgbà mẹ́ta léra wọn, kò bà wá lẹ́rù. Ohun tó ń pa ètò ni kí orí burúkú má dáwọ́ dúró rárá.

Àlàyé kejì ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ padà sórí nọ́ńbà 7 wa, kí ẹ bi ara yín pé: ìgbà wo ni a máa ń fi 10 àti 70 wéra? Àfi kí ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ jẹ òpó kí ẹnikẹ́ni tó wà láàárín wọn tó jẹ ẹ́. Bí 40 bá kọ́kọ́ jẹ òpó, 10 lọ sósì, 70 lọ sọ́tùn-ún, wọn kò ní fojú kan ara wọn mọ́ láé. Ẹni 7 ló wà níbẹ̀, kèké kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni, nítorí náà àǹfààní pé a ó fi wọ́n wéra jẹ́ 2 nínú 7. Ti 10 àti 30, ẹni 3 ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú 20 àárín wọn, torí náà 2 nínú 3. Ti 10 àti 20 dájú, nítorí pé kò sí ẹni tó lè là wọ́n. Bí a bá ṣe èyí fún gbogbo méjì-méjì tó wà nínú ìlà náà, tí a sì ro ó pọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 13.5. Ẹ rántí pé ọjọ́ burúkú gba 21, ọjọ́ tó dára jù sì gba 10.

Kí ẹ wá wo ohun tí kò sí nínú ìṣirò yẹn. A kò béèrè bí nọ́ńbà náà ṣe tò wá. Ì báà tò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ì báà jẹ́ láti òkè wá sílẹ̀, ì báà dà bí òrùlé, 13.5 náà ni ìpíndọ́gba. Ẹni tó kó ìlà wá kò ní ohunkóhun tó lè ṣe sí i mọ́. Fún `n` nọ́ńbà tí kò dọ́gba, iye náà ń sún mọ́ `1.39 n log2 n`, ìyẹn ni ìlò kèké fi ń ju pípín dọ́gba-dọ́gba lọ ní nǹkan bí ìdá 39 nínú ọgọ́rùn-ún, bí ìlà bá gùn gan-an. Owó orí nìyẹn, kò sì wọ́n.

Ọjọ́ burúkú kò kúrò láyé, ó ṣì lè ṣẹlẹ̀. Kí ó tó ṣẹlẹ̀ pátápátá, gbogbo kèké gbọ́dọ̀ mú ẹni etí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Fún nọ́ńbà 7, àǹfààní rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 79, èyí tí kò kéré. Fún nọ́ńbà 20, ó ti di ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà tó lé ní tírílíọ̀nù 4. Láti ibẹ̀ lọ, èmi kì í ronú nípa rẹ̀ mọ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ ni pé ìlà tó burú lánàá á burú lónìí àti lọ́la bí òpó bá ní òfin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kèké, bí iṣẹ́ kan bá pẹ́, tún un ṣe, kò ní pẹ́ mọ́. Kò sí ìlà tó burú. Orí kèké ọjọ́ náà nìkan ló lè burú.

Àwọn kan ń gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà: wọ́n ń da gbogbo ìlà rú lẹ́ẹ̀kan kí ìtò tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á máa mú ẹni ìkẹyìn. Ohun tí mo ní kí ọmọ yẹn ṣe lórí fóònù nìyẹn. Àwọn mìíràn kò gba ti kèké rárá. Ní ọdún 1997, David Musser gbé ìtò kan kalẹ̀ tó ń ka bí ìpè ṣe ń jìn tó. Bó bá ti jìn kọjá bó ṣe yẹ, ó ń fi ìtò kíákíá sílẹ̀, ó sì ń lo irú ìtò mìíràn tí kò ní ọjọ́ burúkú. Fún iṣẹ́ tí àsìkò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, bóyá ti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, èmi yóò mú ti Musser. Fún ohun tó kù, kèké tó mi.

Àmọ́ kèké ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. McIlroy tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1999 pé alátakò tí òun kọ yìí lè bi ìtò oníkèké náà ṣubú. Ó yẹ kí èyí ya ẹni tó bá ti ń bá mi bọ̀ lẹ́nu, àmọ́ ìdí rẹ̀ kò fara sin: alátakò náà kò tíì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a ń ṣẹ́ kèké. Ó ń dúró kí kèké mú ẹnì kan ná, lẹ́yìn náà ló ń sọ pé ẹni yẹn ló kéré. Kèké ń dáàbò bo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí kèké tó bọ́. Bí ẹ bá sì gba ìlà tí alátakò náà ṣe jáde, tí ẹ tún un kó fún ìtò oníkèké kan náà lọ́jọ́ kejì, kò ní ṣe é ní nǹkan kan, nítorí kèké mìíràn ni yóò bọ́.

Ibi kejì ni ọmọ yẹn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún pè mí. Ó ti fi kèké sí ètò rẹ̀, orúkọ ń tò dáadáa, àmọ́ nígbà tó ní kó to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 1,200 náà ní ọdún tí wọ́n wọlé, `RecursionError` ti padà dé. Mo ní kó ka ọdún tí wọ́n wọlé fún mi. Ọdún kan náà ni gbogbo wọn wọlé.

Kèké kò lè ṣe nǹkan kan síyẹn. Bí gbogbo nọ́ńbà bá dọ́gba, ẹnikẹ́ni tí kèké bá mú, bákan náà ni. Ẹ wo `if A[j] < x` nínú ètò náà: kò sí ẹni tó kéré sí òpó, nítorí náà kò sí ẹni tó lọ sósì, gbogbo wọn lọ sọ́tùn-ún, ìpín kọ̀ọ̀kan sì tún mú ẹyọ kan ṣoṣo kúrò. Àìsàn yìí kò sí lára òpó, ara ìpín ló wà. Oògùn rẹ̀ ni kí a pín sí òkìtì mẹ́ta dípò méjì: àwọn tó kéré sí òpó, àwọn tó bá a dọ́gba, àti àwọn tó jù ú lọ. Òkìtì àárín ti dé ilé, a kò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ló sọ bí a ṣe lè pín irú òkìtì mẹ́ta bẹ́ẹ̀ di mímọ̀, ó sì fi àwọ̀ mẹ́ta inú àsíá ìlú rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí ọmọ yẹn tún un kọ bẹ́ẹ̀, ìlà ọdún tó dọ́gba wá di iṣẹ́ tó rọrùn jù fún ètò rẹ̀: ìfiwéra ìrìn kan ṣoṣo, ó parí.

Ó fi gbogbo ètò náà ránṣẹ́ sí mi kí n bá a wò ó. Lókè pátápátá, lábẹ́ `import random`, mo rí `random.seed(1)`. Mo bi í pé kí lèyí ń ṣe níbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń dán ètò wò ni òun fi í síbẹ̀, kí kèké lè máa bọ́ bákan náà ní gbogbo ìgbà, kí òun lè rí àṣìṣe òun. Ó gbàgbé láti yọ ọ́. Kèké tó ń bọ́ bákan náà lójoojúmọ́ ti padà di òfin. Ẹni tó bá mọ̀ pé 1 ni ó bẹ̀rẹ̀ lè jókòó sílé rẹ̀, kó ṣírò gbogbo ẹni tí kèké yóò mú, kó sì to ìlà tí yóò bá a mu. Mo ní kó pa ìlà yẹn rẹ́ kó tó gbé ètò náà lọ fún wọn ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀.